Lẹ́tà Tí Ẹni Tó Gbà Á Lè Gbèjà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olóyè ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sọ ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi àwàdà méjì tí kò yẹ kó wọ inú ìwé.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Alága, mo kí yín. Akọ̀wé, mo kí yín. Akápò, ìwọ tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, mo kí ìwọ náà. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ wá jókòó tì wá, ẹ kú àbójútó ọmọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ kọ sí iléeṣẹ́ àdúgbò, kí iléeṣẹ́ náà lè ṣe onígbọ̀wọ́ ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́dọọdún. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n pè? Ṣé torí pé mo mọ lẹ́tà kọ ni? Rárá o. Torí pé mo mọ lẹ́tà gbà ni. Ọdún 11 ni mo fi jókòó sínú ọ́fíìsì kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, èmi sì ni gbogbo lẹ́tà "ẹ ràn wá lọ́wọ́" máa ń kọ́kọ́ bá. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bírò jẹ́lì tó ń ta sánsán kọ. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé orúkọ iléeṣẹ́ wa ló wà lókè, tó wá di orúkọ iléeṣẹ́ tó wà ní òdì kejì títì nígbà tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú yín ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kìíní: ta ló ń ka lẹ́tà yín?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí ẹ bá kọ "Sí Ọ̀gá Àgbà" sórí lẹ́tà, ṣé ẹ rò pé ọ̀gá àgbà ló máa ka á? Ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí i ni gétímáànù. Gétímáànù á gbé e fún ọmọbìnrin tó jókòó níwájú. Ọmọbìnrin yẹn á fi sínú fáìlì, fáìlì á dé ọwọ́ ẹnì kan bíi tèmi, ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tàbí ẹ̀ka tó ń rí sí àárín iléeṣẹ́ àti aráàlú. Èmi ni mo máa kà á, bóyá láàárín ìṣẹ́jú méjì, lọ́jọ́ tí lẹ́tà mẹ́fà mìíràn wà níwájú mi. Tí mo bá gbà á, iṣẹ́ mi ò tíì parí. Mo máa wọlé tọ ọ̀gá, ọ̀gá á gbójú sókè, á bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: "Àwọn wo ni? Èló ni wọ́n ń béèrè? Kí ló kàn wá níbẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà yín ti ń yè tàbí kú, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀. Èmi tí n kò mọ̀ yín rí ni mo máa ṣe agbẹjọ́rò yín. Tí ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, mo lè dáhùn kí ọ̀gá tó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ojú ìwé kejì ni mo ti máa wá a, ọ̀gá á ní, "Gbé e síbẹ̀ ná." Ẹ̀yin ọmọ mi, "gbé e síbẹ̀ ná" nìyẹn o. Ibẹ̀ ló máa wà títí di ọdún tí wọ́n bá ń kun ọ́fíìsì.

Nítorí náà, ẹ yé fi ìdajì ojú ìwé yin iléeṣẹ́. A mọ̀ pé iléeṣẹ́ wa "gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé". Àwa la kọ ọ́ sára ògiri.

Kí lẹ wá máa kọ? Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, mo mọ̀, torí èdè fáìlì nìyẹn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá fún ara yín, bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́. Ẹ gbọ́ bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe lè rí:

"Ọ̀gá, ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ 300 ní Ọ̀tà, ní Sátidé kejì oṣù kọkànlá, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí. À ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa san owó kánópì, àga, bánà àti ìwé títẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300,000 náírà, kí ẹ sì yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ yín méjì fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ ń gba ènìyàn sí."

Ó tán. Ẹni tó bá ka èyí nìkan tó sì dákẹ́ ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀. Ìpínrọ̀ tó kù, ẹ̀rí ni.

Ọ̀rọ̀ kejì: orúkọ "ẹgbẹ́ ọ̀dọ́" fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí o, torí ó lè dun ẹlòmíràn. Ní agbègbè tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí bí tiwa níbí, Ọ̀tà, Sango, Agbára, nígbà tí gétímáànù bá rí "ẹgbẹ́ ọ̀dọ́" lórí àpòòwé, àyà rẹ̀ máa ń já. Kí ló fà á? Àwọn kan ti wá ṣíwájú yín. Wọ́n ti wá gba owó ìpìlẹ̀, owó pé ọkọ̀ ńlá ń gba àdúgbò kọjá, owó pé ọdún ti dé. Lẹ́tà wọn máa ń ní gbólóhùn kan báyìí: "Ẹ rántí pé orí ilẹ̀ bàbá wa lẹ wà."

Ní ọdún kan, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣe ohun tó dáa gan-an, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo kà á, ó dùn mọ́ mi. Àfi ìlà tó kẹ́yìn: "A ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ méje kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa bínú." Akọ̀wé wọn rò pé òun ń fi ìtara hàn ni. Ọ̀gá wa kà á, ó tú u sí ìhàlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́. Ẹgbẹ́ yẹn ò tún rí ẹnu ọ̀nà wa wọ̀ mọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa fi hàn pé ẹ kì í ṣe irú wọn? Ẹ ò ní kọ ọ́ pé "a kì í ṣe jàǹdùkú". Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ti fa ìfura sọ́rùn ara rẹ̀. Ohun tó ń fi í hàn ni ìwé tí ẹ so mọ́ lẹ́tà. Tí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, ẹ so fọ́tókọ́pì ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ọn. Tí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ má parọ́. Ẹ wá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín tí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, tàbí iléèwé tí ẹ fẹ́ lo gbọ̀ngàn rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé kékeré kan pé àwọn mọ̀ yín. Kí alága àti akọ̀wé jọ fọwọ́ sí lẹ́tà, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀.

Kí nọ́ńbà báǹkì tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ṣé ẹ mọ iye lẹ́tà tí mo ti gbé jù sápá kan nítorí èyí? Ètò dáa, orúkọ dáa, ìwé mọ́, ó wá ku nọ́ńbà báǹkì, ó di ti alága fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò owó ò ní fọwọ́ kan án, torí ọjọ́ tí ayẹ̀wé-owó-wò bá dé, kí ni wọ́n máa sọ? Tí ẹgbẹ́ ò bá tíì ní àkáǹtì, ọ̀nà mìíràn wà, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta: èló lẹ máa béèrè?

Níbí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ẹgbẹ́ púpọ̀ máa ń da ètò náà jọ, wọ́n á rí i pé ó máa jẹ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, wọ́n á wá kọ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ sí iléeṣẹ́ mẹ́wàá, pé ibi tó bá ti já sí. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, tẹ́tẹ́ ni.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé gbogbo ọ̀gá ló ní iye tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá tó wà ní Ọ̀tà níbí lè fọwọ́ sí 300,000 náírà fúnra rẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Tó bá fi náírà kan lé e, fáìlì náà gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó, Èkó ò sì mọ̀ yín rí. Ẹgbẹ́ méjì béèrè lọ́dún kan náà. Ọ̀kan béèrè 290,000, ó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkejì béèrè 350,000, èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ètò ti kọjá lọ. Ètò ìkejì ló dáa jù o! Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni ọ̀gá ibí lè fọwọ́ sí láìkọ̀wé sí Èkó?" Kì í ṣe àṣírí ìjọba. Iye ti iléeṣẹ́ kan kì í ṣe ti òmíràn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbọ̀ngàn jẹ́ 250,000. Kánópì àti àga tó máa wà níta, 180,000. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, jẹnẹrétọ̀ àti dísù, 170,000. Oúnjẹ àti omi fún 300 ènìyàn, ká fi 1,500 sí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 450,000. Bánà àti ìwé títẹ̀, 120,000. Ọkọ̀ tó máa kó àwọn ọmọ láti abúlé, 80,000. Akápò, ẹ rò ó pọ̀. Mílíọ̀nù kan ó lé 250,000. Ó péye.

Ṣé iye yẹn lẹ máa kọ sí iléeṣẹ́? Ẹ dúró ná. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé, ó ní kí ẹ lo gbọ̀ngàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ku mílíọ̀nù kan. Owó ẹgbẹ́ àti ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun jẹ́ 400,000. Ó ku 600,000. Ẹ pín in sí méjì fún iléeṣẹ́ méjì. Iléeṣẹ́ kìíní ni kánópì, àga, bánà àti ìwé títẹ̀: 180,000 àti 120,000, ó di 300,000. Iléeṣẹ́ kejì, kó bá yín dá 300,000 sí oúnjẹ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti lè kọ sínú lẹ́tà pé gbọ̀ngàn ti wà, pé ẹgbẹ́ ti dá 400,000 tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá bi mí pé "Kí làwọn fúnra wọn mú wá?", ẹnu mi gbà á. Tí iléeṣẹ́ kìíní bá sì kọ̀, kì í ṣe gbogbo ètò ló dà nù, kánópì àti bánà ló ń wá olówó.

Àǹfààní mìíràn wà, òun ni mo ní mò ń bọ̀ wá sí. Nítorí pé ohun kan pàtó lẹ béèrè, iléeṣẹ́ lè sanwó tààrà fún oníkánópì àti atẹ̀wé. Ẹ gba infóìsì lọ́wọ́ wọn, ẹ so ó mọ́ lẹ́tà, kí orúkọ iṣẹ́ wọn, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà báǹkì wọn wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fẹ́ràn èyí ju kí wọ́n kó owó fún ẹgbẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?

Ẹgbẹ́ yín ti ń dá "onígbọ̀wọ́ wúrà, onígbọ̀wọ́ fàdákà" sílẹ̀. Mo rí i nínú lẹ́tà tí akọ̀wé fi hàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á tì. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà ò bìkítà bóyá orúkọ òun ga ju ti ẹlẹ́gbẹ́ òun lọ lórí bánà tí òjò máa pa. Kí ló ń dùn ún? Ó ń wá wẹ́dà tó mọ iṣẹ́. Ó ń wá ẹni tó lè tún iná ẹ̀rọ ṣe lóru. Ó ń wá ẹni tó lè wa fọ́kílíìfù láìfi gbá ògiri. Àwọn tó ń kọ̀wé sí i ló pọ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ ò pọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ lọ wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ náà. Irú òṣìṣẹ́ wo ni wọ́n ń wá láti oṣù mẹ́ta? Ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Lára àwọn tó máa wá, ọ̀dọ́ 40 ló ti kọ́ iṣẹ́ iná tàbí wẹ́dà. A ó fún yín ní tábìlì, ẹ ó sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú." Tí 40 ò bá pé, ẹ kọ iye tó jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan kọ̀wé pé ẹgbẹ̀rún kan ọ̀dọ́ ló wá síbi ìpàtẹ wọn. Mo mọ gbọ̀ngàn yẹn, kò gbà ju 250 lọ. Mi ò ka ìyókù. Àmọ́ ẹni tó bá kọ "212 ló kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni mẹ́sàn-án ló rí ibi kọ́ṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta", tó sì so fọ́tókọ́pì ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́ ọn, mo gbà á gbọ́, mo sì lè gbé e síwájú ọ̀gá láìbẹ̀rù.

Kí ẹ ṣọ́ra síbẹ̀ o. Iléeṣẹ́ lè ní kí ẹ fún àwọn ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó wá. Ẹ má ṣèlérí rẹ̀ nínú lẹ́tà bí ẹni ṣèlérí ọsàn. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú ìsọfúnni báyìí. Ẹ fi ìlà kan sórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa kọ lẹ́nu ọ̀nà: "Mo gbà kí iléeṣẹ́ tó wá síbí pè mí." Ẹni tó bá máàkì í, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá máàkì í, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù: ìgbà, àti ohun tó ń tẹ̀ lé e

Èyí ò ní pẹ́. Ìgbà wo lẹ máa ń kọ lẹ́tà fún ètò oṣù kọkànlá? Mo gbọ́ ẹni tó ní oṣù kẹwàá. Ó ti pẹ́ jù. Iléeṣẹ́ tí ọdún ìṣúná rẹ̀ ń parí ní oṣù kejìlá, láti bí oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ló ti ń pín owó. Nígbà tí wọ́n bá ní "kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì", irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Nítorí náà, lẹ́tà méjì ni. Ẹ fi ọ̀kan kúkurú ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí pé a ó ṣe ìpàtẹ ní oṣù kọkànlá ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sọ́kàn. Ẹ wá kọ èyí tó kún, pẹ̀lú iye owó àti infóìsì, ní oṣù keje ọdún ètò.

Ẹ̀dà méjì lẹ máa mú dání lọ. Ọ̀kan, wọ́n á gbà á. Ìkejì, ẹ ní kí wọ́n bá yín lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ní "a ò rí i", ẹ yọ ẹ̀dà yín. Ẹ má bínú, ẹ má pariwo. Ẹ kàn yọ ọ́.

Lẹ́yìn ètò ńkọ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ìwé méjì: iye ẹni tó wá, bí ẹ ṣe ná owó, rìsíìtì, fọ́tò mẹ́rin. Kí ọ̀kan nínú fọ́tò náà jẹ́ ti òṣìṣẹ́ wọn nídìí tábìlì, kì í ṣe ti alága tó ń gba àwọ́ọ̀dù. Lọ́dún 11 tí mo fi wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ló fi ìròyìn ránṣẹ́ padà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la tún fún lọ́dún kejì.

Mo rí ọwọ́ kan lókè. Ẹ sọ̀rọ̀, arákùnrin.

Ó ní tí ẹni tó wà nínú iléeṣẹ́ bá ní kí àwọn fún òun ní ìdá kan nínú mẹ́wàá kí òun tó gbé lẹ́tà wọlé ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín nínú ilé yìí pé kì í ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tún wo ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé oníkánópì ni iléeṣẹ́ ń sanwó fún, pẹ̀lú infóìsì 180,000, ibo ni ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn ti fẹ́ jáde? Ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, owó náà ò ní gba ọwọ́ wa kọjá rárá." Tó bá ṣì takú, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ìwé pélébé kan sí ọ̀gá ibẹ̀ pé ẹ fẹ́ mọ ibi tí lẹ́tà tí ẹ mú wá lọ́jọ́ báyìí-báyìí dé. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá wọlé ni wọn yóò wá fáìlì yín jáde.

Ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Ẹni tó bá mú lẹ́tà tirẹ̀ dání, kó gbé e wá sídìí tábìlì mi, mo mú bírò pupa wá.